Ẹ̀fọ́ Oko Dé Ẹnu Ọ̀nà ní Sùúrùlérè: Mo Gbé Ọ̀rọ̀ Ìpolówó Àgbẹ̀ Kan Lórí Ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ kan fi ń polówó ẹ̀fọ́ lórí Wasáàpù ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí ó máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé wa ní Sùúrùlérè. Ìyá tí ó ni oko náà ń dáko ní ẹ̀yìn Ìkòròdú, ó sì máa ń fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwa oníbàárà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Èmi àti ọkọ mi kì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí náà irú wa gan-an ni ó ń bá sọ̀rọ̀, mo sì ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé.

Báyìí ni ó ṣe máa ń sọ ọ́: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ugwu wà lóko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye ìdì tí ẹ fẹ́ kí aago méje alẹ́ òní tó lù, nítorí ohun tí ẹ bá bèèrè nìkan ni a óò kó. Ìdájí ọ̀la ni a óò fà á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ugwu nìkan ni a óò gé. A kò ní fọ̀ ọ́. Kí oòrùn tó mú, yóò ti dé ọ̀dọ̀ yín.”

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ohun tí a lè yẹ̀ wò ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀fọ́ fún ará ìlú kì í sọ ju pé ẹ̀fọ́ àwọn tutù, pé ó ń ṣara lóore, èyí tí ẹni tí ó kó ẹ̀fọ́ àná láti ọjà Mile 12 náà lè sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá yìí bá sọ pé ìdájí ni òun fà á àti pé gbòǹgbò wà lára rẹ̀, ó ti fún oníbàárà ní ohun tí yóò fi mọ òótọ́. Ìdájí ni omi máa ń kún inú ewé dáadáa. Bí oòrùn bá ti wọlé, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù omi, ẹ̀fọ́ tí wọ́n sì fà ní ọ̀sán á ti máa rọ kí ó tó kúrò lóko. Nígbà tí ó bá dé, ìdí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Bí iyẹ̀pẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò bá ṣì tutù, tí igi ẹ̀fọ́ náà sì dún pọ́ṣọ́ nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ, mo mọ̀ pé kò tíì pẹ́. Bí igi bá ń tẹ̀ láìṣẹ́, ó ti sun oorun níbì kan. Mo tún máa ń wo orí ṣọkọ, nítorí èyí tí ó bá ti ń yọ òdòdó ti gbó, igi rẹ̀ á yi, ewé rẹ̀ á sì kéré. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ẹ̀fọ́ rẹ̀ bára mu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kùnà ni ìgbà tí ó fi gbólóhùn kan kún un fún àwa tí ọwọ́ wa máa ń dí: “A ti já a, a ti gé e, a ti fọ̀ ọ́, ẹ kàn máa sè é ni.” Inú mi dùn sí i, mo bèèrè fún ṣọkọ àti ugwu. Wọ́n dé nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu pinpin. Omi ti sun sí inú ọ̀rá náà, bí mo sì ti fọwọ́ kàn án ni mo rí i pé ó gbóná. Etí ugwu tí wọ́n gé ti dúdú. Ṣọkọ tí ó wà nísàlẹ̀ ti ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń rùn díẹ̀. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Ewé tí a já ṣì ń mí, mímí yẹn a sì máa mú ooru wá. Bí a bá gé e, ojú ọgbẹ́ á pọ̀ lára rẹ̀. Bí a bá tún fọ̀ ọ́ láìjẹ́ kí ó gbẹ, tí a dé e mọ́nú ọ̀rá tí atẹ́gùn kò lè gbà jáde, tí a sì gbé e sórí alùpùpù akẹ́rù la ọ̀nà Ìkòròdú kọjá Ọjọ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Ẹni tí kò bá ní ilé tútù tàbí ọkọ̀ tútù kò yẹ kí ó ṣe irú ìlérí yẹn láti oko tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Mo pè é, mo sì ṣàlàyé. Kò bá mi jà rárá. “Ẹ má bínú, ìyá wa,” ni ó wí, “àwọn oníbàárà ló ń bèèrè fún un.” Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó ti yí gbólóhùn náà padà: “Ẹni tí kò bá ráyè já ẹ̀fọ́, a lè já a kúrò lára igi. A kò ní gé e, a kò ní fọ̀ ọ́. Inú pépà ni a óò dì í sí.” Ìyẹn ṣiṣẹ́. Ewé tí ó dé nínú pépà gbẹ, ó sì dúró dáadáa. Mo gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì pẹ̀lú pépà rẹ̀, mo sì ń fọ ìwọ̀nba tí mo bá fẹ́ sè. Ewédú nìkan ni n kò gbà ní jíjá, nítorí pé ewé rẹ̀ rọ̀, ibi tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ á dúdú kíákíá.

Ohun tí mo ṣì ń bá a sọ ni ọ̀rọ̀ ìdì. Ìdì kì í ṣe ìwọ̀n. Ọwọ́ ẹni tí ó dì í ló ń pinnu bí yóò ṣe tóbi, nígbà tí òjò bá sì mú kí ẹ̀fọ́ pọ̀, ìdì á wú, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á sì sọ̀. Mo gbé ìdì tẹ̀tẹ̀ kan sórí ìwọ̀n ilé ìdáná mi, ó wọn kílò kan. Nígbà tí mo gé gbòǹgbò kúrò, tí mo sì já ewé pẹ̀lú ọ̀mùnú rẹ̀ tán, ohun tí ó kù kò ju bí ìdajì kílò lọ. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ “ìdì méjì” nínú ohùn rẹ̀, tí ó sì fẹ́ se ẹ̀fọ́ rírò fún ènìyàn márùn-ún, kò lè mọ̀ bóyá yóò tó. Kí ó sọ pé ìdì kan kò ní dín sí kílò kan, kí ó sì fi kún un pé ìwọ̀n tigbòǹgbò-tigi ni.

Ó tún máa ń sọ pé òun kì í fín oògùn. Èyí ni mo fi ọwọ́ rọra mú, kì í ṣe pé mo rò pé irọ́ ni, bí kò ṣe pé ojú kò lè rí i. Ihò tí kòkòrò jẹ sára ewé kò fi hàn pé wọn kò fín in rí, ewé tí kò sì ní ihò kò fi hàn pé wọ́n fín in. Ohun tí ó wúlò fún mi jù ni kí ó sọ ohun tí ó ń lò fún kòkòrò, àti iye ọjọ́ tí ó ń dúró lẹ́yìn fínfín kí ó tó fa ẹ̀fọ́, bí ó bá fín in.

Nísinsìnyí tí òjò ń rọ̀, ẹ̀fọ́ máa ń tutù láti oko wá nítorí òjò òru, iyẹ̀pẹ̀ sì máa ń ta sí abẹ́ ewé rẹ̀. Irú rẹ̀ kì í pẹ́ bí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Mo máa ń tú ìdì náà, mo sì ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí omi ara rẹ̀ gbẹ kí n tó dì í sí pépà. Ó yẹ kí ìyá náà sọ èyí fún oníbàárà tuntun, kí wọ́n má baà rò pé ó tàn wọ́n.

Mo ṣì ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti júwe rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò wa, nítorí pé owó alùpùpù akẹ́rù kan náà ni, yálà ìdì kan ni ó gbé wá tàbí mẹ́wàá. A ń pín owó náà láàárín ara wa. Ìbéèrè kan péré ni mo ní kí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: “Ta ni yóò gbà á nílé yín, níbo ni yóò sì gbé e sí?” Àwọn kan láàárín wa ń fi maigádì sílẹ̀ láti gbà á, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fà ní ìdájí á sì wà nínú oòrùn lẹ́bàá géètì títí di ìrọ̀lẹ́.