Sákíìtì ìsodipúpọ̀ fún FPGA, ṣíìpù tí a lè tún inú rẹ̀ tò: kí ẹ ra èyí tí a kò gé, ti ìpele 3, tàbí ti ìpele 6?

Iye mẹgahẹ́ẹ̀tìsì ni àwọn tó ń ta sákíìtì sábà máa ń kọ gàdàgbà síwájú. Iye yẹn nìkan kò sọ ìgbà tí èsì ẹyọ kan yóò jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú ìsodipúpọ̀ kan tí ojú ọ̀nà lọ́jíìkì rẹ̀ gùn tó nánósẹ́kọ́ńdì 12. Rẹ́jísítà, ìyẹn ibi tó ń di iye kan mú títí di ìlù klọ́ọ̀kù tó kàn, ló ń gba èsì, òun náà tún ń jẹ 1. Bí a bá gé ọ̀nà náà sí ìpele-ìpele, a ó fi rẹ́jísítà sí ojú ibi tí a gé, kí iṣẹ́ tuntun lè wọlé nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà níwájú.

| | Àìgé | Ìpele 3 | Ìpele 6 |
|---|---|---|---|
| Ìlù klọ́ọ̀kù kan | 13 ns | 5 ns | 3 ns |
| Ìyára klọ́ọ̀kù | 77 MHz | 200 MHz | 333 MHz |
| Èsì ẹyọ kan | 13 ns | 15 ns | 18 ns |
| Èsì 1,000 léraléra | 13,000 ns | 5,010 ns | 3,015 ns |

Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń san owó orí rẹ́jísítà tirẹ̀. Ìdí nìyí tí èsì ẹyọ kan fi ń pẹ́ sí i bí a ṣe ń gé e, tí ìpele 6 kò sì fi yára tó ìlọ́po méjì ti ìpele 3.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgékugèé. Bí ìpele mẹ́ta náà bá jẹ́ 6, 3 àti 3, èyí tó gùn jù ni klọ́ọ̀kù yóò máa dúró dè: ìlù kan di 7, èsì ẹyọ kan di 21.

Irú iṣẹ́ yín ló yẹ kó pinnu. Fún àwòrán kámẹ́rà, níbi tí dọ́ọ̀tì kan kò ti nílò èsì èkejì, ẹ ra ìpele 6. Ṣùgbọ́n bí èsì ìṣirò kan bá gbọ́dọ̀ padà wọlé kí èyí tó tẹ̀lé e tó bẹ̀rẹ̀, ìpele kan ṣoṣo ni yóò máa ṣiṣẹ́, àwọn yòókù yóò ṣófo. Níbẹ̀, èyí tí a kò gé ń mú èsì jáde ní 13, ìpele 6 ní 18. Owó tí ẹ bá fi kún un nítorí ìpele 6 ṣòfò pátápátá. Àfi bí ẹ bá ní ìṣirò mẹ́fà tí kò kan ara wọn, tí ẹ lè máa fi wọ́n wọlé ní yíyípo.

Irú ìṣòro yìí wà nínú Pentium 4, ṣíìpù kọ̀ǹpútà ti Intel, náà. Ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ Prescott, tó jáde ní 2004, ní ìpele 31, nígbà tí Northwood tó ṣáájú rẹ̀ ní 20. Bí ó bá ṣìnà níbi tí ètò ti yà, iṣẹ́ tó ti wọ inú àwọn ìpele náà ni wọ́n máa ń dànù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ohun méjì: ìlù mélòó ni èsì gbà, àti ìlù mélòó ló wà láàárín ìwọlé kan àti èkejì. Fún ti ìpele 3, bí ìdáhùn bá jẹ́ 3 àti 3, wọn kò tíì jẹ́ kí iṣẹ́ tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. 3 àti 1 ni ẹ ń wá. Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ fi rẹ́jísítà mẹ́ta dá àmì tó ń bá dátà rìn dúró pẹ̀lú. Bí ẹ bá gbàgbé, èsì yóò pé, ṣùgbọ́n yóò lẹ̀ mọ́ ìbéèrè tó dé ní ìlù mẹ́ta lẹ́yìn tirẹ̀.