Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú iṣẹ́ ìdánimọ̀ kòkòrò afòmọ́ tí ó gbára lé cox1 nìkan

Iṣẹ́ tí mo sanwó fún ni pé kí n fi DNA kòkòrò afòmọ́ ránṣẹ́ lórí bébà FTA, bébà olóògùn tí ń pa DNA mọ́, kí ilé-iṣẹ́ náà fi PCR sọ jíìnì cox1 di púpọ̀, kí wọ́n ka lẹ́tà rẹ̀, kí wọ́n sì sọ orúkọ ẹ̀yà kòkòrò náà fún mi. Wọn kò purọ́ fún mi rárá, síbẹ̀ èsì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì mí lọ́nà, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Inú ìtọ̀ ẹnì kan tí àtọ̀sí ajá ń ṣe ni ẹyin tí mo lò ti wá. Mo sẹ́ wọn, mo fọ̀ wọ́n, mo gbé wọn sínú omi mímọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà títí wọ́n fi pa, mo wá ń fi píípẹ́ẹ̀tì mú ìdin kọ̀ọ̀kan lábẹ́ maikirosíkóòpù, tí mo ń kán an sórí bébà. Ojú kan, ìdin kan ni mo tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀, nítorí bí ìdin méjì bá wà lójú kan, DNA wọn yóò dàpọ̀, kò sì sí ohun tí a lè rí dì mú nínú èsì náà mọ́. Ìdin 12 ni mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tí èsì dé, mẹ́jọ jẹ́ Schistosoma haematobium, kòkòrò tí ń fa àtọ̀sí ajá gan-an, mẹ́rin sì jẹ́ Schistosoma bovis. Èyí yà mí lẹ́nu gidigidi. Màlúù ni bovis sábà máa ń bá jà, inú ìgbẹ́ ni ẹyin rẹ̀ sì ń bá jáde, kì í ṣe inú ìtọ̀ ènìyàn. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ẹyin tí mo rí kí wọ́n tó pa ní ìrísí ti haematobium: wọ́n rí roboto díẹ̀, ẹ̀gún kan ṣoṣo sì wà ní ìdí wọn, nígbà tí ti bovis máa ń gùn, tí ó sì ń tín-ín-rín sí ìpẹ̀kun méjèèjì.

Inú mitokọ́ńdíríà ni cox1 wà, ìyá nìkan ni ọmọ sì ti ń jogún rẹ̀. Bí akọ haematobium bá gun abo bovis, orúkọ ìyá nìkan ni cox1 ọmọ wọn yóò máa pè, bàbá kò ní hàn níbẹ̀ rárá. Irú àdàlù báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí; òun ni wọ́n rí lára àwọn tí ó kó àrùn náà nínú odò kan ní erékùṣù Kọ́síkà lọ́dún 2013.

Mo nílò jíìnì kejì tí ó wà nínú kókó sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Mo kọ́kọ́ ro 18S, nítorí ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, PCR rẹ̀ kì í sì í ṣòro. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yí padà, débi pé ti haematobium àti ti bovis fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra délẹ̀. ITS, ìpín DNA tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni mo yàn: ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ bákan náà, ó sì ní àwọn ojú mélòó kan tí lẹ́tà àwọn ẹ̀yà méjèèjì ti yàtọ̀.

Fúnra mi ni mo ṣe PCR yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, ìlà kankan kò hàn lórí jẹ́ẹ̀lì, àní nínú túùbù tí mo fi DNA tí ó dájú sí pàápàá, nígbà tí ìyókù oògùn inú bébà bá wà nínú rẹ̀. Mo tún bébà náà fọ̀ dáadáa, mo jẹ́ kí ó gbẹ, ìlà sì jáde. Túùbù tí n kò fi DNA kankan sí wà ní òfo, ìyẹn ni ó jẹ́ kí n gba ìyókù gbọ́.

Nínú ìdin mẹ́rin tí wọ́n pè ní bovis, ITS mẹ́ta jẹ́ ti haematobium pátápátá. Ìkẹrin ní òkè méjì lórí ara wọn nínú àwòrán tí ẹ̀rọ yà, kìkì ní àwọn ojú tí ẹ̀yà méjèèjì ti yàtọ̀, mo sì rí i bákan náà nígbà tí mo ka DNA náà láti apá kejì. Bí ó bá jẹ́ àṣìkà ẹ̀rọ lásán ni, gbogbo ìlà ni ìbá dàrú. Àdàlù ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn mẹ́ta yẹn ni ìran wọn ti jìnnà sí ìgbà tí bovis wọlé, tí ITS ti padà di ti haematobium. Ṣùgbọ́n cox1 ṣì ń jẹ́rìí sí ìyá ńlá wọn. N kò lè sọ pé àwọn mẹ́jọ yòókù kì í ṣe àdàlù, nítorí jíìnì méjì kéré púpọ̀ láti fi sọ ìyẹn.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí iṣẹ́ náà ni pé orúkọ nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n kí n tó rí fáìlì .ab1, èyí tí àwòrán ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, gbà, ìgbà náà ni mo sì rí i pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n kà, pé lára ìdin méjì, lẹ́tà tí BLAST, ètò kọ̀ǹpútà tí ń fi DNA wé àwọn tí a ti mọ̀, fi ṣe ìfiwéra kò pé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìbáramu 99% lórí lẹ́tà 200 kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú 99% lórí 900, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú èsì. Fún kòkòrò tí kì í dàlù pẹ̀lú ẹ̀yà mìíràn, màá tún lò wọ́n, nítorí iṣẹ́ wọn yá, ó sì mọ́. Fún Schistosoma, n kò ní fi ìdin kankan ránṣẹ́ mọ́ àfi bí wọ́n bá gbà láti ka cox1 àti ITS láti apá méjèèjì.