Bí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá títà wọ inú ọdún tó ni ín, wébíìlì tó ń bá ọjà jáde ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí lẹ́jà tí wọ́n ń kọ títà sí?

Gbogbo Oṣù Kìíní ni àwọn ọ́dítọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń bi mí ní èyí. Ká mú ilé iṣẹ́ kan tí ọdún rẹ̀ parí ní 31 Oṣù Kejìlá, tí wébíìlì tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà jẹ́ 4038.

Bí o bá ti ọ̀dọ̀ wébíìlì lọ sí lẹ́jà, ọjà tí wọn ò kọ sílẹ̀ lò ń wá. O rí 4036: oníbàárà ti buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 30, àmọ́ 4 Oṣù Kìíní ló wà lórí ínfọ́ìsì rẹ̀. Ọdún tó parí ló ni títà yẹn. Iṣẹ́ yìí ń jẹ àkókò, torí pé nọ́ńbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra. Bí o kò bá rí 4029, ní kí wọ́n mú ẹ̀dà tí wọ́n fagi lé wá. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọjà tó bá sì jáde láìní wébíìlì, kò ní hàn níbí rárá.

Bí o bá ti ọ̀dọ̀ lẹ́jà wá sí wébíìlì, ó yá jùyẹn lọ. Títà tí wọ́n kọ ṣáájú àkókò ló ń mú: ínfọ́ìsì 31 Oṣù Kejìlá, tó jẹ́ pé wébíìlì 4041 ló gbé ọjà rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú lẹ́jà, kò lè fi hàn ọ́.

Níbi tí ọ̀gá ti ń sá fún owó orí, wébíìlì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé. Níbi tí owó ìmóríyá máníjà ti rọ̀ mọ́ iye títà, lẹ́jà ni, màá sì wo kírẹ́dítì nóòtì Oṣù Kìíní mọ́ ọn, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń fagi lé títà tí wọ́n ti kọ.