Ìwé Mẹ́rin Lórí Ìyípadà Ojú-ọjọ́: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Bí ẹ bá wọ ilé ìtàwé tí ẹ ní ìwé lórí ìyípadà ojú-ọjọ́ lẹ ń wá, ó ṣeé ṣe kí èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín jẹ́ èyí tí wọ́n ya iná tó ń jó sí lára èèpo rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí atọ́ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé náà, kí ẹ wá RCP8.5 níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ya oríṣiríṣi ọ̀nà tí ayé lè gbà títí di ọdún 2100, RCP8.5 sì ni orúkọ ọ̀kan lára èyí tó burú jù nínú wọn. Ní ọ̀nà yẹn, ìlọ́po ìlọ́po èédú inú ilẹ̀ tí à ń sun lónìí ni ayé yóò máa sun. Ìwé tó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ la ń lọ dájúdájú, tí kò sọ pé ọ̀nà mìíràn wà, ìpayà ló ń tà. Ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín ti yege ìdánwò yẹn lójú tèmi. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìbéèrè kan náà ni mo gbé síwájú wọn: nínú gbogbo ohun tí mo lè ṣe, èwo ló tóbi, èwo ló kéré, báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ ọ́n fúnra mi?

Èyí tí ẹ kò ní sanwó fún

*Sustainable Energy – Without the Hot Air* ni orúkọ rẹ̀. David MacKay ló kọ ọ́, ó jáde ní 2008, odindi rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí withouthotair.com. Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ni ọkùnrin náà ní Yunifásítì Cambridge. Ní 2009, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olùdámọ̀ràn àgbà nípa sáyẹ́ǹsì ní ilé iṣẹ́ tó ń rí sí agbára àti ojú-ọjọ́. Ó kú ní 2016. Ohun tó ṣe nínú ìwé rẹ̀ ni pé ó kó gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń lo agbára jọ, láti orí ọkọ̀ dórí oúnjẹ, ó sì fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn gbogbo rẹ̀: iye kWh tí ẹnì kan ń lò lójúmọ́.

Ẹ má jẹ́ kí kWh dẹ́rù bà yín, torí yúníìtì tí ẹ ń rà sórí mítà náà ni. Gílóòbù 40 wáàtì tí wọ́n tàn sílẹ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì máa jẹ yúníìtì kan. Ẹni tó bá ti wo mítà rẹ̀ rí nígbà tó ku yúníìtì mẹ́ta ti mọ ìwọ̀n tí ìwé yìí ń lò, ó mọ̀ ọ́n lára.

Bí mo ṣe fi wọn ilé wa nìyí. Fáànù 60 wáàtì fún wákàtí 10 jẹ́ 0.6. Gílóòbù LED márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10, fún wákàtí 5 jẹ́ 0.25. Tẹlifíṣọ̀n 80 wáàtì fún wákàtí 5 jẹ́ 0.4. Mo ka fíríìjì kékeré sí yúníìtì kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2.25 lóòjọ́. Mo wá yíjú sí jẹnẹrétọ̀. MacKay ka lítà bẹntiróòlù kan sí yúníìtì 10, èyí tiwa sì máa ń mu tó lítà 3 lálẹ́ tí kò bá sí iná. Yúníìtì 30 ló wọ inú rẹ̀, kí ó tó fún wa ní bíi méjì. Ìyókù di ooru, ariwo àti èéfín. Ọkọ̀ ló kàn: kìlómítà 40 lójúmọ́, lítà kan fún kìlómítà 10, ìyẹn lítà 4, yúníìtì 40. Ohun tí ọkọ̀ wa ń jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ju èyí tí iná ilé wa ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bẹ́ẹ̀, ṣájà fóònù ni mo máa ń pariwo lé àwọn ọmọ lórí pé wọn kò yọ. MacKay ṣírò ìyẹn náà: ohun tí ẹ rí fi pamọ́ tí ẹ bá yọ ṣájà fún odindi ọjọ́ kan, ọkọ̀ yóò fi rìn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó tán.

Ìṣirò yìí kì í ṣe èyí tó péye délẹ̀ o, torí ooru inú bẹntiróòlù àti iná mànàmáná kì í ṣe ohun kan náà gan-an. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ èyí tó tóbi. Àbùkù ìwé náà ni ọjọ́ orí rẹ̀. Láàárín 2010 sí 2020, iye owó páńẹ́lì sólà wálẹ̀ tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, nítorí náà ẹ fo gbogbo ibi tó bá ti ń sọ iye tí sólà ń náni. Ilé tí wọ́n ń mú gbóná nígbà òtútù sì gba ojú ewé púpọ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé ìtẹ̀wé, aláwọ̀ ni kí ẹ ní kí wọ́n tẹ̀. Àwọ̀ pupa ló fi ṣe òpó ohun tí à ń lò, ó fi àwọ̀ ewé ṣe òpó ohun tí a lè pèsè, gbogbo ìwé náà sì dúró lórí òpó méjì yẹn. Dúdú-àti-funfun ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, n kò mọ èwo ni èwo.

Gates: ilé, irin àti sìmẹ́ńtì

*How to Avoid a Climate Disaster* tí Bill Gates kọ ní 2021 kò ka ti ẹnì kọ̀ọ̀kan bíi ti MacKay. Ti gbogbo ayé ló kà: bílíọ̀nù 51 tọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ amáyégbóná lọ́dọọdún. Ó pín in sí ọ̀nà márùn-ún, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe ọkọ̀ ló ṣáájú. Ṣíṣe àwọn ohun bíi sìmẹ́ńtì, irin àti ike ló ṣáájú, ó kó tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ àti bàálù lápapọ̀ tó ìdajì rẹ̀.

Orí sìmẹ́ńtì ló yẹ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun kí sìmẹ́ńtì tó wà. Bí òkúta náà bá ti gbóná tó, kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ á jáde. Nítorí náà, kódà bí ilé iṣẹ́ náà bá ń lo sólà nìkan, èéfín inú òkúta yóò ṣì jáde; bí a bá ka ti òkúta àti ti iná tí wọ́n fi ń sun ún pọ̀, tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì kan ń mú ohun tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì kan wá. Gates wá béèrè pé èló ni ó máa lé lórí owó rẹ̀ bí a bá fẹ́ ṣe é láìsí èéfín. Ó ní láti 75 sí 140 lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan, bí a bá sọ ọ́ ní owó tiwa. Ìbéèrè “èló ló máa lé e” yìí ni ó ń bi gbogbo nǹkan títí ìwé fi parí, ó sì dára gan-an fún mímọ ohun tó ti ṣe tán láti rà àti èyí tí ó ṣì ku iṣẹ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó dá owó rẹ̀ sí wà lára ohun tó ń yìn, títí kan ti agbára núkílíà. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rántí bí ẹ bá ń kà á. Ìjọba àti olówó ló sì ń bá wí jù. Orí tó kàn ará ìlú kúrú. Ohun tó fi ju MacKay lọ ni pé ó ya àyè sọ́tọ̀ fún bí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké yóò ṣe fara da ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ tó ti dé tán.

Ritchie: epo pupa àti ààrò ìdáná

Ará Scotland ni Hannah Ritchie, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kíka iye àti yíya àwòrán rẹ̀ fún Our World in Data, ìkànnì kan tó ń kó iye nípa àwọn ìṣòro ayé jọ. *Not the End of the World* jáde ní 2024. Òun ló rọrùn jù láti kà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣòro méje ló gbé yẹ̀ wò, láti orí afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí dórí ẹja tí à ń pa jù.

Níbi tó ti sọ̀rọ̀ igbó pípa run, ó sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ará òkè òkun kò fẹ́ gbọ́: kí wọ́n má kàn pa epo ọ̀pẹ tì. Kò sí ohun ọ̀gbìn tó ń mú epo jáde tó ọ̀pẹ lórí hẹ́kítà kan. Bí gbogbo ènìyàn bá sá lọ sí epo ẹ̀wà sóyà, ilẹ̀ tí wọ́n máa fẹ́ á pọ̀ sí i, igbó mìíràn ló sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sílé. Oko ńláńlá Indonéṣíà àti Màléṣíà ni iye rẹ̀ ti wá. Ọ̀pẹ tí à ń ká nínú igbó wa kì í mú epo tó bẹ́ẹ̀.

Orí afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní igi àti èédú tí à ń fi dáná nínú ilé ń pa ènìyàn, kí a sì wá ohun ìdáná tó mọ́ fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá ń rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti kúrò lórí igi bọ́ sórí gáàsì, kí ó ka ibẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìpíndọ́gba ayé ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì bá ẹni tí omi ń wọ yàrá rẹ̀ lọ́dọọdún sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Rinaudo: àdá àti kùkùté

*The Forest Underground* (2022) ni ó yàtọ̀ pátápátá. Tony Rinaudo, onímọ̀ ọ̀gbìn láti Ọsirélíà, lọ máa gbé ní Máràdí ní Nijẹ́ẹ̀. Ó ń gbin igi, igi ń kú. Ní 1983, ó dúró lójú ọ̀nà oníyanrìn láti dín afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kù, ó sì wo igbó játijàti kan dáadáa. Ewé rẹ̀ jẹ́ ewé igi. Kùkùté igi tí wọ́n ti gé ni, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì yè nísàlẹ̀. Irú rẹ̀ kún gbogbo oko.

Ohun tí ó kọ́ àwọn àgbẹ̀ kò gba ju àdá lọ. Ẹ ó mú kùkùté tó ń rú, ẹ ó yan ẹ̀ka mẹ́ta sí márùn-ún tó ga tó sì gún jù, ẹ ó gé ìyókù. Ẹ ó pa ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ dé bí ìdajì gíga wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ ó padà wá pa èyí tó tún yọ. Igi á ga kíá, torí gbòǹgbò àgbà ló ń bọ́ ọ. Láàárín ogún ọdún, àwọn àgbẹ̀ Nijẹ́ẹ̀ ti mú igi padà sórí ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà lọ́nà yìí.

Kì í ṣiṣẹ́ níbi tí katakata ti hú kùkùté dànù. Kì í sì í pẹ́ níbi tí ẹlòmíràn lè wá gé igi yín fún èédú láìbèèrè. Rinaudo jẹ́wọ́ pé ta ló ni igi ṣòro ju bí a ṣe ń gé e lọ. Ẹ̀sìn Kristi pọ̀ nínú ìtàn náà, ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn lè fo ibẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo lẹ lè rà, tí ẹ ní ilẹ̀ ní Òkè-Ògùn tàbí ibi ọ̀dàn mìíràn tí igi ẹ̀mí àti igi irú ti ń tán lọ nítorí èédú, Rinaudo ni kí ẹ rà. Ará ìgboro tí kò ní oko, Ritchie ni. Gates, ẹ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní in, ẹ ka orí sìmẹ́ńtì àti ti àwọn àgbẹ̀, kí ẹ dá a padà. Kí ẹ tó ra èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kọ́kọ́ ṣí MacKay lórí fóònù yín lálẹ́ òní, kí ẹ mú bébà kan, kí ẹ sì kọ iye lítà bẹntiróòlù tí ilé yín sun lánàá sí òkè rẹ̀.