Àwo 2,800 àbí àwo 3,500: alásè wo ni kí ẹ gbà fún ìkómọ?

Ọmọ méjì la ti kó jáde nílé wa, alásè ọ̀tọ̀ ló sì dáná fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ ní náírà 2,800 lòun ń gbà lórí àwo kan. Ti ìkejì ní 3,500. Owó ọjà ti yí láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣírò kò yí, òun ni kí ẹ fojú sí.

Ní ti adùn, àwọn méjèèjì mọ oúnjẹ sè. Ní ti àsìkò, ẹni 2,800 ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni 3,500 pẹ́ díẹ̀. Mo sọ ìyẹn kí ẹ má baà ní mò ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ó wá ku owó. Ẹni 3,500 ti ka ọkọ̀, gáàsì àti àwọn tó ń pín oúnjẹ mọ́ ọn. Àwo 100 jẹ́ 350,000, ó parí. Ẹni 2,800 gba 280,000 lórí àwo 100, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé ọkọ̀ àti gáàsì jẹ́ 50,000, àti pé àlejò 25 lẹnì kan lè pín oúnjẹ fún, 8,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́rin nìyẹn, 32,000. Gbogbo rẹ̀ wá di 362,000. Ìgbà tí àlejò bá tó 140 ni owó àwọn méjèèjì tó dọ́gba, ní 490,000. Tó bá jẹ́ 200 lẹ pè, tẹ́ ẹ sì tètè sọ, ẹni 2,800 á fi 26,000 dín sí ìkejì rẹ̀.

Ibi ká tètè sọ yẹn ni wàhálà wà. Ìkómọ kì í ṣe ìgbéyàwó téèyàn ń fi oṣù mẹ́fà múra sílẹ̀ fún. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọ ọmọ lórúkọ, alásè sì ń fẹ́ gbọ́ iye àlejò ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ẹbí ò tíì pe ara wọn tán. Ní ìkómọ àkọ́kọ́, 100 ni mo sọ. Alẹ́ ọjọ́ kẹfà ni màmá mi pè.

“Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bọ̀ o. Ogójì ni wá.”

“Màámi, ẹ ò sọ tẹ́lẹ̀.”

“Ṣé kí n wá ní kí wọ́n má wá ni?”

Mo pe alásè. Ó ní kí n wo ìwé tí mo fọwọ́ sí: àwo tí wọ́n bá fi kún un nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, owó rẹ̀ àti ìdajì ni. 2,800 di 4,200. Àwo 40 jẹ́ 168,000, ẹni méjì sí i tí yóò pín oúnjẹ jẹ́ 16,000. Owó mi kúrò ní 362,000, ó di 546,000. Ẹ pín in sí 140, ẹ ó rí i pé 3,900 ni àwo kọ̀ọ̀kan. Mi ò bá a jà, torí ó ní láti padà sọ́jà lọ rajà ní ẹyọ ẹyọ, kó sì wá ìkòkò kún ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹni 3,500 gbà ká yí iye padà títí di ìgbà tó bá ku ọjọ́ méjì, láìfi kọ́bọ̀ lé e. 490,000 ni ìyẹn ì bá jẹ́.

Tí àlejò bá dín kù náà ńkọ́? Ẹni 2,800 kì í gba 2,800 bí àwo ò bá tó 100, 3,300 ni. Kí 100 di 80, owó á bọ́ sí 346,000. Ẹ lé ogún èèyàn, 16,000 péré ló kù sí yín lápò. Lọ́dọ̀ ẹnì kejì, 70,000 ni.

Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní àwo: ṣé ti ọmọdé wọ̀ ọ́, ti onílù àti ayàwòrán ńkọ́, àti ẹni tó bu ún lẹ́ẹ̀mejì? Nígbà kejì, èmi àti ọmọọṣẹ́ alásè ka páálí àwo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ, a sì tún un kà nígbà tí wọ́n parí. Àwo 11 ló ṣẹ́ kù, kò sí àríyànjiyàn.

Tí àlejò yín bá lé ní 150, tí ẹbí yín kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ gba ẹni 2,800. Èyí ó wù kẹ́ ẹ gbà, ẹ ní kó kọ iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ fún 80, 100 àti 140 kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀. Ẹni 3,500 kọ ọ́ fún mi lójú ẹsẹ̀. Mo bi ẹni 2,800 náà nígbà tí mò ń wá alásè fún ìkómọ kejì. Ó ní kí n kọ́kọ́ san àsansílẹ̀ ná.