Àgbéyẹ̀wò ilé iṣẹ́ tó bá mi sọ ṣáàtì di àtẹ nọ́ńbà

Èmi ni akọ̀wé ìṣúná ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Mo gbé fáìlì PowerPoint ìpàdé ọdún wa lọ sí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan, kí wọ́n lè kọ ṣáàtì mẹ́ta inú rẹ̀ sílẹ̀ bí àtẹ nọ́ńbà, kí wọ́n sì fi 2022 wé 2023, nítorí àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń fẹ́ fi ojú ara wọn ka iye owó. Iṣẹ́ náà dé lọ́jọ́ kejì, ó sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ abẹ́ àtẹ ni: “Owó ìfipamọ́ di ìlọ́po mẹ́ta.” Àyà mi já. Bí mo bá ka èyí sétí ìpàdé, ta ni yóò gbà mí lọ́wọ́ wọn?

Mo padà lọ. Ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà, ó wọn ọ̀pá méjèèjì níwájú mi, ti 2023 sì ga tó nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀ ti 2022, èyí tó sọ di mẹ́ta. Ohun tí kò wò ni ìsàlẹ̀ ìlà òòró, èyí tí kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, bí kò ṣe láti 40. Nọ́ńbà tí a kọ sórí ọ̀pá kan ni 42, ti èkejì ni 46, ní mílíọ̀nù náírà; ohun tó yọ lókè 40 nìkan ni rúlà rí. Ó ní bí àwòrán ṣe rí ni òun ṣe kọ ọ́. Inú bí mi gidigidi.

Ìgbà náà ni arábìnrin kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ kí n wo inú fáìlì náà.” Ó tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí ṣáàtì, ó yan Edit Data, àwọn nọ́ńbà tí a fi ya á sì jáde: 42.3 àti 45.8. Nọ́ńbà tí a ti sọ di odidi tó sún mọ́ ọn jù lọ ni èmi náà ti ń kà! Ó yọ 42.3 kúrò nínú 45.8, ó pín 3.5 tó kù sí 42.3, ó sì kọ ọ́ pé owó náà lé ní ìdá 8.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní 42 àti 46 la lò ni, ìdá 9.5 la ó kọ.

Ní ti gbèsè tí a kò rí gbà, tó kúrò ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí a yá jáde tó sì di ìdá 10, ọkùnrin yẹn ti kọ ọ́ pé ó fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Arábìnrin náà tún un kọ pé láti 8 ló ti di 10, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdá náà fi ìdámẹ́rin ara rẹ̀ ga sí i. Ṣáàtì kẹta jẹ́ àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ọn lásán, tí kò ní nọ́ńbà kankan nínú. Ó kọ “nǹkan bí” ṣáájú gbogbo iye rẹ̀, ó sì ní kí n mú ìwé ìṣirò wá. Inú mi dùn dé ibi pé mo dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Síbẹ̀, wọ́n gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ mi. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ti 2024, arábìnrin náà ni mo gbé e fún.