Mo fi GIMP yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù, n kò fọwọ́ kan sányán

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo GIMP 2.10, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi n'Ílọrin. Ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà mi tó ti gbó sì ń gbé e. Àmọ́ iṣẹ́ Àlàájà kan tó ń ta aṣọ òfì ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ìbòjú lẹ́yà, ìyẹn ohun tó ń pinnu apá tí yóò hàn lára àwòrán tí a gbé lé òmíràn lórí, lè ṣe gan-an.

Ahunṣọ rẹ̀ ni mo yà nídìí òfì, pẹ̀lú sányán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hun tán. Bí Àlàájà ṣe wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ní, "Ọmọ mi, bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke yìí ba ojú rẹ̀ jẹ́. Bá mi fi ìkòkò amọ̀ rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe fọwọ́ kan aṣọ mi o. Oníbàárà kan ti dá aṣọ padà fún mi rí, ó ní àwọ̀ tí òun rí lórí fóònù kọ́ nìyí."

Orí mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kámẹ́rà ṣì wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, n kò sún un. Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ kan láti Dàda, àdúgbò amọ̀kòkò n'Ílọrin, síbẹ̀, mo sì tún yà á. N kò lè lo àwòrán kejì yìí lódindi, nítorí ahunṣọ wa ti kọjú sí fóònù rẹ̀. Ìkòkò, òjìji rẹ̀ àti ilẹ̀ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bò mọ́lẹ̀ nìkan ni mo nílò níbẹ̀.

Mo ṣí àwòrán àkọ́kọ́, mo lo `File > Open as Layers` láti gbé èkejì lé e lórí. Lórí lẹ́yà òkè yìí, mo lọ sí `Layer > Mask > Add Layer Mask`, mo yan `Black (full transparency)`. Ìkòkò pòórá, àwòrán àkọ́kọ́ nìkan ló kù. Níbi tí ìbòjú bá dúdú, lẹ́yà òkè kò hàn rárá. Ibi tó bá funfun, ó hàn pátápátá. Eérú wà láàárín. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì funfun, mo kùn ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà àti òjìji rẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá yà, mo yí àwọ̀ sí dúdú, mo kùn ún padà.

Nígbà àkọ́kọ́, mo kun ọ̀dà funfun sójú ìkòkò gan-an! Àwòrán kékeré tí ìlà funfun yí ká ní pánẹ́ẹ̀lì lẹ́yà ni búrọ́ọ̀ṣì ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Tẹ ti ìbòjú kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ojú mi sọ fún mi pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ojú ń tanni. Mo ṣe `Layer > New from Visible`, mo gbé ojúlówó àwòrán lé e lórí, mo yí `Mode` rẹ̀ sí `Difference`. Níbi tí àwòrán méjèèjì bá ti dọ́gba, dúdú ni yóò jẹ́. Gbogbo rẹ̀ dúdú lójú mi yàtọ̀ sí ibi ìkòkò. Mo tún ṣe `New from Visible`, mo wá lo `Colors > Threshold`, mo fa igun òsì wá sí ibi tó kọjá òdo díẹ̀ báyìí. Háà! Ìlà funfun kan ti gun etí sányán. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí mo lò ló fà á: etí rẹ̀ ń tàn kọjá ibi tí ojú lè rí. Mo di `Alt` mú, mo tẹ ìbòjú kó hàn lódindi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú tó le pa gbogbo eérú tó kan aṣọ. Nígbà tí mo tún un yẹ̀ wò, aṣọ dúdú kirikiri.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé GIMP kò ní kìlọ̀ fún ọ nígbà tí o bá ń gbé iṣẹ́ jáde bíi `.jpg`. Ṣe ni JPEG ń tún gbogbo àwòrán fún pọ̀, píksẹ́lì aṣọ tí o kò fọwọ́ kàn yóò sì yí díẹ̀. `.png` ni mo lò. Lórí WhatsApp, bíi fáìlì ni mo fi ránṣẹ́, kì í ṣe bíi fọ́tò.

Ohun kan wà tí ìbòjú kò lè bá mi ṣe. Bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn ti tan àwọ̀ rẹ̀ sí ìṣẹ́tí sányán, bí ìbú ìka kan. N kò lè mú un láti inú àwòrán kejì, aṣọ ti sún. Bí mo bá fọwọ́ tún un ṣe, mo ti fọwọ́ kan aṣọ nìyẹn. Bí mo bá fi sílẹ̀, àwọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti sányán. Mo fi han Àlàájà. Ó wò ó títí, ó ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́la wàá padà wá yà á, kò ní sí bọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀."